Àlékún ni àbí ìṣípò? Lórí kọ́mẹ́ǹtì tí a kàn mọ́ òkè

Olóúnjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo máa ń se oúnjẹ ilé wa lórí Yútúùbù, mo sì ń ta gàrí Ìjẹ̀bú. Línkì Wásáàpù mi ti wà nínú àlàyé abẹ́ fídíò ìkọ́kọ́rẹ́ tipẹ́. Nígbà tí mo tún fi línkì sínú kọ́mẹ́ǹtì, tí mo kàn án mọ́ òkè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà wá bá mi báyìí. Mo fẹ́ kọ ìlànà kékeré fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́. Ṣé kí n pe ohun tí kọ́mẹ́ǹtì yẹn ṣe ní "àlékún", àbí ọ̀rọ̀ mìíràn wà?

Ìyá Aláṣọ, Ṣàgámù:

Ọmọ mi, "àlékún" dáa. Tèmi náà lé sí i. Mo wo `Impressions click-through rate` lórí YouTube Studio, ó ti gòkè ju bó ṣe wà kí n tó kan kọ́mẹ́ǹtì mọ́ òkè lábẹ́ fídíò aṣọ òkè mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ kú àárọ̀ mà, Ìyá wa. Nọ́ńbà tí ẹ wò yẹn kò mọ nǹkan kan nípa kọ́mẹ́ǹtì yín. Ohun tó ń sọ ni pé, nínú iye ìgbà tí Yútúùbù gbé àwòrán iwájú fídíò yín síwájú èèyàn, ìgbà mélòó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti wò ó. Ẹni náà kò tíì wọ inú fídíò rárá, ká má tilẹ̀ sọ pé ó rí kọ́mẹ́ǹtì. Tó bá gòkè, àwòrán tàbí àkọlé yín ni kí ẹ yẹ̀ wò, tàbí irú àwọn tí Yútúùbù ń gbé e fún.

Àǹtí Olóúnjẹ, èmi ò ní fara mọ́ "àlékún" níbẹ̀. Ẹni tó tẹ línkì inú kọ́mẹ́ǹtì lónìí lè jẹ́ ẹni tí ì bá tẹ ti inú àlàyé ká ní kọ́mẹ́ǹtì ò sí. Ẹni kan náà ni, ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀. Ìyẹn ni mo pè ní "ìṣípò". Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a yọ ìṣípò kúrò ló tó jẹ́ àlékún, wíwo kọ́mẹ́ǹtì nìkan ò sì lè fi hàn yín. Àpapọ̀ ojú ọ̀nà méjèèjì lẹ máa kà, lọ́jọ́ tí kọ́mẹ́ǹtì wà àti lọ́jọ́ tí kò sí.

Yútúùbù kò ní ka títẹ línkì Wásáàpù fún yín. Ẹ fún ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní línkì tirẹ̀:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Gari%20A
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Gari%20K
```

Ẹ fi nọ́ńbà yín rọ́pò àwọn X, láìsí òdo iwájú. Èyí tó ní A wà fún àlàyé, èyí tó ní K wà fún kọ́mẹ́ǹtì. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, Wásáàpù á ṣí, ọ̀rọ̀ "Gari A" tàbí "Gari K" á sì ti wà lójú ibi tó fẹ́ kọ̀wé sí, ó kù kó fi ránṣẹ́. Ẹni tó tẹ̀ tí kò fi nǹkan ránṣẹ́ ò ní sí nínú ìṣirò, ẹni tó pa á rẹ́ kó tó kọ tirẹ̀ náà ò ní sí níbẹ̀. Nítorí náà, iye ìwé tó wọlé lẹ ń kà, kì í ṣe iye ìtẹ̀. Kí ẹ kọ ìyẹn sínú ìlànà yín gedegbe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 7 tí kọ́mẹ́ǹtì ò sí, àwọn èèyàn wo fídíò náà nígbà 4,000, ìwé 40 sì wọlé, gbogbo rẹ̀ láti A. Ọjọ́ 7 tí kọ́mẹ́ǹtì wà, wọ́n tún wò ó nígbà 4,000, K mú 36 wá, A sì mú 16. Ẹni tó bá wo K nìkan á pariwo pé kọ́mẹ́ǹtì mú èèyàn 36 wá. Ṣùgbọ́n A ti já láti 40 sí 16, èèyàn 24 ló ṣípò. Àpapọ̀ jẹ́ 52, àlékún tó wà níbẹ̀ kò ju 12 lọ.

12 yẹn gan-an, ṣé òótọ́ ni àbí bí ọjà ṣe ń rí lójoojúmọ́ ni? Ọ̀nà kan wà tí kò le. Ẹ ro iye ìwé ìgbà méjèèjì pọ̀, 40 àti 52, ó jẹ́ 92. Ẹ wá nọ́ńbà tí a máa fi ìlọ́po ara rẹ̀ rí 92, ó lé díẹ̀ ní 9 àti ààbọ̀. Bí ìyàtọ̀ yín ò bá tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn bíi 19, ẹ ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. 12 ò tó o. Bí fídíò náà bá rí ìlọ́po mẹ́rin òǹwòran, tí ìṣirò sì rí bákan náà, á di 160 sí 208. Ìyàtọ̀ á jẹ́ 48, ìlọ́po méjì tó yẹ kó kọjá á lé díẹ̀ ní 38. Ìgbà yẹn ni ẹ lè kọ "àlékún".

Olóúnjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọjọ́ tí kọ́mẹ́ǹtì ò ní sí yẹn, ṣé kí n yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n wá dá a padà lọ́sẹ̀ kejì ni?

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́:

Rárá o. Ọ̀sẹ̀ kan kì í jọ èkejì. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba: ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi á máa wá ohunkóhun tó bá ní orúkọ ìlú wọn. Bí kọ́mẹ́ǹtì yín bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, òun lẹ máa gbóṣùbà fún. Fídíò tuntun tún burú jù, nítorí pé àwọn tó ti sọbúskíráìbù ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò ó, àwọn àjèjì tó ń wá ìkọ́kọ́rẹ́ á tó máa dé lẹ́yìn náà. Fídíò tó ti pẹ́, tí iye òǹwòran rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ni kí ẹ lò.

Ẹ gé ìwé pélébé 14, ẹ kọ "wà" sí 7, ẹ kọ "kò sí" sí 7, ẹ ká wọn, ẹ po wọ́n sínú abọ́. Láràárọ̀, ẹ mú ọ̀kan. Ohun tó bá sọ lẹ máa ṣe. Ẹ má ṣe yàn án fúnra yín, torí ọkàn yín á máa fa "wà" sí ọjọ́ tí ọjà máa ń yá.

Ohun méjì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Tí ẹ bá kàn tú kọ́mẹ́ǹtì kúrò lókè, ó ṣì wà láàárín àwọn kọ́mẹ́ǹtì yòókù, èèyàn ṣì lè rí línkì rẹ̀. Lọ́jọ́ "kò sí", ẹ pa á rẹ́ pátápátá, kí ẹ tún un kọ lọ́jọ́ "wà". Èkejì ni pé ọjọ́ inú YouTube Studio kì í bẹ̀rẹ̀ ní òru tiwa. Aago etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà ọjọ́ tuntun wọn bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 tàbí 9 àárọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ṣe yí aago wọn sí. Àsìkò yẹn ni kí ẹ máa pààrọ̀ kọ́mẹ́ǹtì, kí ẹ sì máa ka ìwé Wásáàpù láti àsìkò yẹn sí àsìkò yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo gba ìṣípò fún línkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ńkọ́? Bí mo bá ní "ẹ tẹ sọbúskíráìbù o" nínú fídíò, kò sí ẹnu ọ̀nà mìíràn tí ẹni náà ti ṣí kúrò. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà. Àlékún gidi nìyẹn. Fídíò tí mi ò ti sọ ọ́, èèyàn 30 ló sọbúskíráìbù. Èyí tí mo ti sọ ọ́, wọ́n di 50. Iye ìgbà tí wọ́n wo méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi 3,000.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́:

Àbúrò, o gba ibì kan. Lóòótọ́, bọ́tìnnì kan ni, ìṣípò láti ibì kan sí ibòmíràn ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti sọbúskíráìbù tẹ́lẹ̀ ò lè tún un ṣe. Lọ sí `Advanced mode`, kí o pín iye ìwòran fídíò kọ̀ọ̀kan sí `Subscription status`. Ìlà `Not subscribed` nìkan ni wàá fi ṣírò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Mo ti wò ó, sà. Fídíò àkọ́kọ́, ìwòran àwọn tí kò tíì sọbúskíráìbù jẹ́ bíi 1,000. Ti èkejì jẹ́ bíi 2,000.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́:

Ṣó o rí i báyìí? Àkọ́kọ́ mú 30 wá nínú 1,000. Èkejì mú 50 wá nínú 2,000, ìyẹn 25 nínú 1,000. Èyí tó o ti sọ̀rọ̀ ló kéré. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ lé èèyàn sá, fídíò méjì péré ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé fídíò kejì dé ọ̀dọ̀ àjèjì púpọ̀ sí i, ìyẹn ló sì gbé 30 di 50 lójú rẹ.

Ìṣẹ́jú mélòó lo sọ ọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ní ìparí, sà, lẹ́yìn tí mo dúpẹ́ tán.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́:

Wo àwòrán ìlà tó ń fi hàn bí òǹwòran ṣe ń dín kù, `Audience retention`. Bó bá jẹ́ pé ìdá mẹ́rin kan ló kù dé ibi tó o ti sọ ọ́, àwọn tó ti lọ kò gbọ́ ẹ rárá, o ò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ ò wọ̀ wọ́n létí. Sọ ọ́ níbi tí ọwọ́ rẹ ti ń ṣe ohun tí wọ́n wá wò gan-an. Tìrẹ tún le ju ti Àǹtí lọ, torí kọ́mẹ́ǹtì ṣeé yọ ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú fídíò ti wà níbẹ̀. Fídíò púpọ̀ lo máa nílò. Mú wọn ní méjì-méjì tí kókó wọn jọra, kí o sì mú ìwé nínú abọ́ kí o tó ya fídíò, láti mọ èyí tí wàá ti sọ̀rọ̀.

Ìyá Aláṣọ, Ṣàgámù:

Ó ti yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n "ìṣípò" yẹn, ẹni tó ṣí kúrò nílé la mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ò ṣe pè é ní "ìyàlọ́nà"? Ẹni tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ ló kàn yà gba ibòmíràn.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́:

Ó dùn létí, mà. Ẹ̀rù tó bà mí ni pé ẹlòmíràn á gbọ́ ọ bí ẹni pé oníbàárà sọnù lọ́nà. Kò sọnù, ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Olóúnjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde:

Màá kọ méjèèjì sí i ná, kí àwọn ọmọ fi ẹnu wọn yàn. Mo ti gé ìwé pélébé náà. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn kan ń gbọ́ nọ́ńbà mi lẹ́nu mi nínú fídíò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń pè mí tààrà. Wọn ò gba A, wọn ò gba K.

Tíṣà, Ìkẹ́nnẹ́:

Línkì ò lè mú àwọn yẹn. Bí ìpè bá wọlé, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò, lọ́jọ́ "wà" àti lọ́jọ́ "kò sí". Bí ìpè bá dín kù lọ́jọ́ tí kọ́mẹ́ǹtì wà, a jẹ́ pé K ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìpè pẹ̀lú, àlékún yín á sì kéré ju èyí tí A àti K fi hàn lọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó bá ṣe rí.