Ajá méjì ló ń ba nǹkan jẹ́ nínú ilé mi ní Kétu: ṣé eyín ló ń yọ wọ́n lẹ́nu ni?

Aránṣọ Kétu

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín. Aránṣọ ni mí, inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ajá ìbílẹ̀ méjì ni mo sì ń sìn. Èyí tó jẹ́ ọmọ kò tíì ju oṣù mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Etí ẹní àti ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó ló ń gé jẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kódà níṣojú mi. Itọ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú, mo sì rí eyín wẹ́wẹ́ kan lórí ẹní lánàá. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ akọ, ó ti pé oṣù mẹ́wàá. Òun kì í fọwọ́ kan nǹkan kan bí mo bá wà nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ fi aṣọ oníbàárà jíṣẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ Sátidé, mo padà bá fóòmù àga nílẹ̀ káàkiri, ó sì ti gé okùn tí mo fi ń wọn aṣọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Mo ti fún un ní bàtà mi tó ti gbó kí ó máa fi ṣeré. Ní ọjọ́ kejì, ti oníbàárà ló gbé. Ìyá mi ní kí n fi ata pa ara àga. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè fún wọn jẹ tí kò ní pa wọ́n lára?

Bàbá Awakọ̀, Ṣábẹ

Ọmọ mi, eyín ni. Ajá mẹ́fà ni mo ti tọ́ dàgbà, bí wọ́n bá ti pé oṣù méje, eyín wọn yóò pé, wọn yóò sì fi nǹkan sílẹ̀ fúnra wọn. Kí ó tó dìgbà náà, máa fún wọn ní egungun inú ọbẹ̀ àti ṣùkù àgbàdo. Àgbàdo kò kúkú wọ́n ní Kétu.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ṣùkù àgbàdo ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ajá tiwa gbé e mì nígbà tí a ń bó àgbàdo sísè, a sì rò pé yóò gba ìdí rẹ̀ jáde. Ó bì ní alẹ́, ó tún bì ní àárọ̀, omi lásán gan-an kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ó kàn dùbúlẹ̀ ni, inú rẹ̀ le, kò sì lè yàgbẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni dókítà ẹran fi yọ ọ́, ẹ̀là ṣùkù kan péré tó há sínú ìfun. Ajá náà yè, ṣùgbọ́n owó tí a ná jù owó tí a fi rà á lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Àgbà Olùtọ́jú Ẹran, Àjàṣẹ́

Mo bá dókítà ẹran ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni ohun tí Bàbá Awakọ̀ sọ, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Eyín àkọ́kọ́ ajá jẹ́ 28, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí ó bá fi tó oṣù méje, 42 ti rọ́pò wọn. Nítorí náà, ti ọmọ ajá yìí, eyín ni lóòótọ́: èrìgì ló ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ inú itọ́ yẹn kì í sì í ṣe àìsàn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe eyín. Ẹ ya ẹnu rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé eyín ti pé. Ọ̀dọ́ ni, agbára wà lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ìgbà tí ó bá sì dá wà nìkan ló ń ṣe é. Ẹni tó bá dúró de oṣù méje fún irú èyí yóò pẹ́ kó tó gbádùn àga rẹ̀.

Ẹ gba ti ọmọ mú lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ rẹ aṣọ ìnura kan tó nípọn sínú omi, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ lọ́ ọ bí okùn, ẹ ta á ní kókó, kí ẹ sì gbé e sínú fírísà fún bíi wákàtí mẹ́ta. Bí kò bá sí iná, ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù, kí ẹ sì fi aṣọ náà sí àárín rẹ̀ nínú kúlà. Òtútù yẹn máa ń mú kí èrìgì kú díẹ̀. Ẹ jókòó tì í, bí aṣọ náà bá ti rọ̀ tí fọ́nrán ń fà jáde lára rẹ̀, ẹ gbà á, nítorí pé fọ́nrán gígùn tí ajá bá gbé mì máa ń ká ìfun jọ, ó sì lè gé e.

Ẹ má ṣe fún èyíkéyìí nínú wọn ní egungun sísè, torí pé ńṣe ló máa ń là sí ṣóńṣó. Èyí tó le koko náà, bí ìwo àti pátákò màlúù, lè la eyín ẹ̀yìn ńlá. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fún wọn: bí èékánná kò bá lè wọlé rárá, ó ti le jù. Bí ó bá sì kéré tó láti wọ ọ̀fun, kò yẹ kó wà nínú àgbàlá, kóró máńgòrò pàápàá.

Ní ti ẹ̀gbọ́n, ẹ mú un rìn dáadáa ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Kí ẹ tó jáde, ẹ kó bàtà àti okùn kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì pín oúnjẹ rẹ̀ sí méjì: ẹ wọ́n ìdajì sínú koríko kí ó máa fi imú wá a, ẹ fi ìdajì yòókù sínú páálí tí ẹ ti yọ téèpù àti irin kúrò lára rẹ̀, ẹ pa á dé. Fífa nǹkan ya yẹn gan-an ni ẹnu rẹ̀ ń wá. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ bá wà nílé. Bí ó bá ń gbé páálí mì dípò kó kàn fà á ya, ẹ dáwọ́ dúró. Bàtà gbígbó ni ẹ fi ṣì í lọ́nà, nítorí pé ajá kò mọ èyí tó gbó yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti oníbàárà.

Ọmọ Ọlọ́jà, Kétu

Bí ajá bá ti ń géni jẹ báyìí, ẹ tètè lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kí ó tó kan ọmọ aládùúgbò.

Àgbà Olùtọ́jú Ẹran, Àjàṣẹ́

Abẹ́rẹ́ náà yẹ kí gbogbo ajá gbà, ṣùgbọ́n ẹní àti àga ni wọ́n ń gé níbí, kì í ṣe ènìyàn.

Bàbá Awakọ̀, Ṣábẹ

Ṣùkù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹgba ńkọ́? Bí mo bá bá ajá mi níbi tó ti ba nǹkan jẹ́, ó máa ń dorí kodò, ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

Àgbà Olùtọ́jú Ẹran, Àjàṣẹ́

Ojú yín ló ń wò, Bàbá, kì í ṣe àga. Bí ó bá ti ṣe é ní wákàtí kan sẹ́yìn, kò mọ ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ nà án. Bí ẹ bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ má ṣe lé e, torí eré ni yóò kà á sí. Ẹ gbé ẹran díẹ̀ sí imú rẹ̀, bí ó bá ti ju bàtà sílẹ̀, ẹ fún un ní ẹran náà, kí ẹ sì gbé ohun tirẹ̀ fún un. Ní ti ata, ajá mìíràn á lá a mọ́, òmíràn á fi ẹsẹ̀ tó ta sí ojú ara rẹ̀. Èmi kì í lò ó.

Aránṣọ Kétu

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ọmọ ti fi ẹní sílẹ̀ bí kò ṣe ní alẹ́, aṣọ ìnura méjì ni mo ń pààrọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n ya páálí wẹ́wẹ́, kò jẹ ẹ́, gbígbá rẹ̀ nìkan ló ń sú mi. Ó tún jẹ irọ̀rí kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí òjò kò jẹ́ kí a lè rìn. Ẹnìkan ní kí n fún un ní èèpo àgbọn, ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Tiwa ń fà á ya dáadáa, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Àgbà Olùtọ́jú Ẹran, Àjàṣẹ́

Ẹ̀rù fọ́nrán rẹ̀ ń bà mí, ìyá, gẹ́gẹ́ bí ti aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, kó má ṣe jẹ́ ìgbà tí ẹ ń lọ sọ́jà. Aránṣọ, bí ọmọ yẹn bá pé oṣù mẹ́fà sí méje, ẹ wo eyín gígùn iwájú rẹ̀: bí tuntun bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ tí àkọ́kọ́ kò sì bọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran.