XRP tí kò ní táàgì: owó ti wọlé

“Ẹ jọ̀ọ́, XRP 240 kúrò ní wọ́lẹ́ẹ̀tì mi láìsí táàgì, kò hàn nínú àkáǹtì mi ní ilé pàṣípààrọ̀. Ṣé ó ti gbé nìyẹn?”

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn. Kò gbé o. Ẹ̀gbọ́n tó dáhùn pé kí n kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ lórí XRPScan, ojúlé tó ń fi ìfiránṣẹ́ XRP hàn, ló ni ọpẹ́ mi. `tesSUCCESS` ló wà níbẹ̀: owó ti dé àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí gbogbo oníbàárà ilé pàṣípààrọ̀ náà jọ ń lò, àmọ́ táàgì ló ń sọ ẹni tó ni ín. Ká ní `tecDST_TAG_NEEDED` ni, owó ìbá ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo fi nọ́ńbà yẹn, iye owó àti táàgì mi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní kí n fi XRP 1 ránṣẹ́ láti wọ́lẹ́ẹ̀tì kan náà, pẹ̀lú táàgì lọ́tẹ̀ yìí, kó lè hàn pé èmi ni mo ni ín. Nítorí náà, ẹni tó sọ fún mi pé ìfiránṣẹ́ kejì á fa ti àkọ́kọ́ wọlé, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló tọ̀nà: ẹ̀rí lásán ni, òṣìṣẹ́ ló fọwọ́ gbé owó náà sí àkáǹtì.



XRP 10 tí ilé pàṣípààrọ̀ yọ fún iṣẹ́ wọn ni èmi àti wọn ṣì ń fà.