Ẹni tó ti pààrọ̀ DNS rí, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Mọ́níyà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìntánẹ́ẹ̀tì ilé mi fẹ́ yà mí ní wèrè. Mo wọn eré rẹ̀, 30 Mbps ló ń fún mi, fíìmù ń lọ geere. Àmọ́ tí n bá ti tẹ líńkì, ojú-ewé á funfun báláú, n óò máa wò ó bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní ìdíkọ̀, àfi lójijì tí gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá tún padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kíá ni. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ DNS, ìyẹn ẹni tó ń bá wa wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì. Ta ló ti ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì: Dátà tèmi kì í pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Àbí DNS yìí ló ń jẹ ẹ́?

Alágbẹ̀dẹ Wáyà: Ìyá Ìbejì, ti dátà yàtọ̀ o. Ọmọ Mọ́níyà, "ó funfun, ó wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan" yẹn ni mo dì mú. Ó ṣe èmi náà rí. Tẹ èyí sínú terminal kọ̀ǹpútà rẹ:

```
dig wikipedia.org
```

Wo ìlà `Query time` nísàlẹ̀. Tèmi kà 1840 msec nígbà náà. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó mọ ilé tó ń lọ, kò tíì gbé ẹsẹ̀ rárá. Mo tún un tẹ̀, ó di 3 msec, torí pé ẹni tó ń dáhùn ti fi ìdáhùn pamọ́. Má ka ti ẹ̀ẹ̀kejì sí o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Mú orúkọ mìíràn tí o kò tíì bèèrè lónìí, kí o fi `dig @8.8.8.8` bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ DNS ti Google, kí o wá fi wé ti ilé rẹ.

Bàbá Rájí: Kí ló ń wá dig kiri sí? Mo fi 8.8.8.8 sí tèmi, fíìmù tó ń gba wákàtí kan wá ń gba ìdajì. Ó parí.

Dúpẹ́ Akọ̀ròyìn: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó júwe ọ̀nà fún yín kọ́ ló fẹ títì náà 😂

Bàbá Rájí: Ojú mi ni mo fi rí i, Dúpẹ́!

Alágbẹ̀dẹ Wáyà: Ẹ má tíì fi Bàbá Rájí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá máa ń ní ẹ̀rọ káàkiri ayé, ìdáhùn DNS ló sì máa ń sọ èyí tí wọ́n máa darí yín sí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ti tẹ́lẹ̀ ń rán yín sí. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ojoojúmọ́.

Àbíkẹ́ Ọ̀ṣogbo: Òdìkejì ló ṣe èmi. Mo yí sí ọ̀kan nínú àwọn olókìkí yẹn, ojú-ewé yá, fídíò wá ń dúró.

Alágbẹ̀dẹ Wáyà: Ó ń ṣẹlẹ̀. 8.8.8.8 máa ń fi díẹ̀ lára nọ́ńbà ìntánẹ́ẹ̀tì rẹ han ẹni tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ àdúgbò rẹ. 1.1.1.1 ti Cloudflare kò ṣe é, wọ́n ní àṣírí rẹ ni àwọn ń bò.

Dúpẹ́ Akọ̀ròyìn: Àṣírí wo? Ẹni tí o gbé ìbéèrè rẹ fún ṣáà rí gbogbo ibi tí o lọ.

Àbíkẹ́ Ọ̀ṣogbo: Ẹni tó ta dátà fún ọ ò rí i tẹ́lẹ̀ ni?

Káyọ̀dé: Ẹni bá fi sórí fóònù nínú Private DNS, ẹ rántí o: nọ́ńbà kò wọlé níbẹ̀, orúkọ ni, bíi `dns.google`. Mo dé òtẹ́ẹ̀lì kan, Wáìfáì wọn kọ̀ jálẹ̀, ojú-ewé tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà yàrá kò yọjú. Òru ni mo tó rántí pa á. Ní ibi iṣẹ́ náà, orúkọ ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì di àwátì, torí ará ìta ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Mọ́níyà: Mo ti dé. Ti ilé: 2130 msec, lórí orúkọ tuntun. 8.8.8.8: 64. Ha! Mo pààrọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, ó yá. Ìyàwó mi ní fóònù òun ṣì ń fà.

Alágbẹ̀dẹ Wáyà: Orí kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ni o ti ṣe é. Wọ inú ráútà, wá ibi tí DNS wà lábẹ́ DHCP, kí o fi sí i níbẹ̀. Kí ìyàwó rẹ wá pa Wáìfáì rẹ̀, kó tún un tàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti àtijọ́ ló máa dì mú.

Ọmọ Mọ́níyà: Ó ti ṣiṣẹ́, ìyàwó mi ti dákẹ́. 30 Mbps náà ṣì ni o, kò lé, kò dín. Àmọ́ ìwé ìròyìn kan wà tó ṣì ń funfun.

Alágbẹ̀dẹ Wáyà: Kí ni dig sọ fún un?

Ọmọ Mọ́níyà: 58.

Alágbẹ̀dẹ Wáyà: Ọ̀dọ̀ wọn ni, tàbí ọ̀kan nínú orúkọ ìpolówó tí wọ́n ń pè. Tẹ F12, wo Network, èyí tó pẹ́ jù á fara hàn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí dátà o.