Géèjì àbí búlẹ́ẹ̀tì ṣáàtì lórí táìlì KPI? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Dáṣíbọọ̀dù ọjà títà ni mò ń ṣe nínú Power BI, tágẹ́ẹ̀tì oṣù yìí jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà, a ti ta 17, ni mo bá fi géèjì sórí táìlì, àmọ́ ìdajì gééré ló kún dé! Ọ̀gá mi ní ṣé ìdajì la ṣì wà ni. Àṣé téèyàn ò bá fi nǹkan kan sí `Maximum value`, ìlọ́po méjì iye tó wà ńlẹ̀ ló máa ń fi ṣe òpin, ìyẹn 34. Mo wá fi 20 sí i, ó dáa, àmọ́ oṣù tá a bá ta 23, á kàn kún bámúbámú ni, kò ní fi 3 tó lé hàn.

Búlẹ́ẹ̀tì ṣáàtì ló wù mí jù, ọ̀pá kan péré, ìlà tágẹ́ẹ̀tì dábùú ẹ̀, mo lè gbé òpin dé 25, kì í sì í gba àyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní àwọ̀ eérú mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ọ̀pá yẹn ń da òun lójú rú. Ṣé kí n yọ wọ́n, kí n fi ọ̀pá àti ìlà nìkan sílẹ̀, kí n kọ "17 nínú 20" sókè ẹ̀? Àbí kí n kúkú fi géèjì sílẹ̀ fún wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?