Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìdí ní jíìmù: ibo ló ń ro yín?

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ètò tí wọ́n fún mi: hípù tọ́rọ́ọ̀sì, dẹ́ẹ̀dìlíìfù ti Ròmáníà, àti iṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Wọ́n ní torí ìdí ni. Ṣùgbọ́n nínú hípù tọ́rọ́ọ̀sì, tí mo bá fẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì, tí mo gbé irin lé ìbàdí, tí mo ń tì í sókè, ẹ̀yìn itan ló ń fà, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi á sì gan. Ìdí ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo ni tiyín?

Ọmọ Gàǹmọ̀: Irin yẹn ló fúyẹ́. Ẹ fi kún un, ẹ̀yin màmá. Tí ìdí ò bá ro mí lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ pé n ò ṣiṣẹ́.

Kóòṣì Ọ̀fà: Òótọ́ ni pé irin gbọ́dọ̀ máa wúwo sí i bí oṣù ṣe ń lọ. Àmọ́ ara ríro kọ́ la fi ń mọ iṣẹ́, nǹkan tuntun èyíkéyìí lè mú ara ro ni. Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá dé òkè, ibo lẹsẹ̀ yín wà?

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀: Mo máa ń nà án síwájú dáadáa kí n má baà yọ̀.

Kóòṣì Ọ̀fà: Ibẹ̀ gan-an ni. Tẹ́sẹ̀ bá jìnnà, ẹ̀yìn itan ló máa gba iṣẹ́ náà. Tó bá sún mọ́ ìdí jù, iwájú itan á gbà á. Ní òkè, ojúgun gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ ní kẹ́nì kan fi fóònù yà yín láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí i. Ti ẹ̀yìn tó ń gan, mo fura pé òrùlé lẹ̀ ń wò. Orí tó bá ṣubú sẹ́yìn á gbé egungun ìhà sókè, ẹ̀yìn á tẹ̀, òun ló sì máa parí iṣẹ́ tó yẹ kí ìdí parí. Ẹ sún àgbọ̀n mọ́ àyà, kójú máa wo iwájú. Nígbà tí ikùn àti itan bá ti tò lórí ìlà kan, ẹ dúró, ẹ fún ìdí pọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán: Ìbàdí ń dun bàbá mi. Ṣé dẹ́ẹ̀dìlíìfù yìí lè wò ó?

Kóòṣì Ọ̀fà: Rárá o. Tí ìrora bá ń ṣàn kọjá orúnkún, tàbí tẹ́sẹ̀ bá ń kú tìpìrì, ẹ gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Aránṣọ Ọjà Ọba: Èmi tí mo ń jókòó sídìí máṣíìnì látàárọ̀, dẹ́ẹ̀dìlíìfù yẹn ló bá mi lára mu jù. Wọ́n ní kí n má lépa ilẹ̀. Kí n rọ orúnkún díẹ̀, kí n ti ìdí sẹ́yìn, kí irin máa gba ara itan sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ìdí ò bá ti lè lọ sẹ́yìn mọ́ lòpin rẹ̀, tèmi ò ju abẹ́ orúnkún lọ. Irin náà á ti ya ìlà ìdọ̀tí sí iwájú ṣòkòtò mi. Tí mi ò bá rí ìlà yẹn, mo mọ̀ pé irin ti jìnnà sí mi, ẹ̀yìn mi ló sì ru ú.

Ọmọ Gàǹmọ̀: Ẹ̀yin ń jẹun ṣá? Wàrà ni mo fi ń gbé tèmi ró.

Ìyá Àgbà Ajàṣẹ́: Wàrà tí wọ́n bù sínú epo dín! Jẹ ẹ̀wà, ọmọ mi.

Ọmọ Gàǹmọ̀: Mà, n kì í dín in. Omi rẹ̀ ni mo ń bá jẹ ẹ́.

Aránṣọ Ọjà Ọba: Ẹ jẹ méjèèjì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀: Mo ti padà dé. Mo fa ẹsẹ̀ wọlé, mo sún àgbọ̀n mọ́ àyà, mo sì dín irin kù láti 60 kílò sí 40. Ìdí ló ń jó mi báyìí! Ẹ̀yìn ò gan mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹlẹ́sẹ̀ kan, ti òsì mi ń gbọ̀n ní ìgbà 8, ọ̀tún lè ṣe é nígbà 12.

Ọmọ Gàǹmọ̀: Ẹ jẹ́ kí ọ̀tún ṣe 12 rẹ̀ jàre.

Kóòṣì Ọ̀fà: Ìyàtọ̀ náà ò ní tán nìyẹn. Ẹ fi òsì bẹ̀rẹ̀, iye tó bá ṣe dáadáa ni kí ọ̀tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ìbàdí ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iye yẹn ti tó. Ìparí ni mo máa ń fi ẹlẹ́sẹ̀ kan sí, lẹ́yìn àwọn irin ńlá.

Aránṣọ Ọjà Ọba: Kóòṣì, n ò gbà. Tó bá di ìparí, ẹsẹ̀ tí kò lágbára ti rẹ̀ kó tó kàn án. Èmi fi ṣáájú.

Kóòṣì Ọ̀fà: Irin ńlá wá ńkọ́, tí ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀?

Aránṣọ Ọjà Ọba: Mo dín irin kù lọ́jọ́ yẹn. Tèmi ò gbọ̀n.