Ìsọdipúpọ̀ iye iṣẹ́ àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ò dọ́gba pẹ̀lú owó tí wọ́n kọ: èwo ni kí n tún ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ilé kan la fẹ́ kọ́ ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn níbí. Ọ̀gá mi ní kí n yẹ ìwé ìdíyelé iṣẹ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí onílé tó fọwọ́ sí i.

Kọnkéré ìpìlẹ̀ ló dá mi dúró. Ohun tó wà lórí ìwé ni mítà kúbíìkì 14.6, ₦95,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kakulétọ̀ mi fún mi ní ₦1,387,000, àmọ́ ₦1,383,200 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. ₦3,800 ò sí níbẹ̀. Mo rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í, àfi ìgbà tí mo tẹ ojú ibẹ̀ nínú Excel tí mo rí i pé 14.56 ló wà nínú ẹ̀, 14.6 kàn ń hàn síta ni. Àròpọ̀ ìsàlẹ̀ sì bára mu dáadáa, ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan ò lè mọ̀ láé.

Ṣé kí n kọ ọ́ báyìí:

```
=ROUND(ROUND(C12,1)*E12,2)
```

àbí kí n jẹ́ kí 14.56 hàn lórí ìwé? Èkejì lọkàn mi fà sí, torí ohun tá a wọ̀n gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀yin máa ń ṣe?