Ẹ bá mi wo ímeèlì ìbánikẹ́dùn yìí kí n tó fi ránṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pàdánù àbúrò wọn, ọmọ ọdún 31. Mo kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi mú un lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dára. Tí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ sọ fún mi."

Gbólóhùn kejì ń kọ mí lóminú, ó dà bíi pé mò ń ṣàlàyé ikú fún ẹni tó ń sunkún. "Ẹ̀yìn rẹ̀ á dára" ńkọ́? Òkú àgbà ni mo ń gbọ́ ọ fún. Ṣé kí n fi "Ọlọ́run á tù yín nínú, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́" rọ́pò méjèèjì? Mo tún fẹ́ parí ẹ̀ pẹ̀lú "Màá bá yín ṣe ìròyìn oṣù yìí, ẹ má ronú ẹ̀." Ṣé kò yájú?